Ìdáhùn Kan, Èèwọ̀ Márùn-ún

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ìṣirò n'Ìbàdàn, lójúmọmọ nínú kíláàsì àti nírọ̀lẹ́ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdí ìwé ọmọlọ́mọ tí mo ń fi báírò pupa máàkì ni mo ti kọ́ ọ. Òun ni pé nínú ìsọdipúpọ̀ àti pípín ìdá aljẹ́bírà, ibi tó le kọ́ ló ń pa ọmọ jù. Fífọ́ nǹkan sí fákítọ̀ le lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó bá kùnà níbẹ̀ yóò mọ̀, nítorí iṣẹ́ náà kò ní lọ síwájú mọ́. Ibi tó léwu ni ibi tí gbogbo rẹ̀ ti lọ geere, tí ìdáhùn jáde ní kékeré, tó mọ́ lójú, tí àwọn nọ́ńbà tí x kò gbọdọ̀ jẹ́ sì ti wọlé sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan ṣoṣo, ká jókòó tì í dáadáa. Òun ni mo máa ń kọ sójú pátákó nígbàkígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí:

```
 x² − 9           x² − 4x + 3
------------  ÷  -------------
x² + 5x + 6         x² − 4
```

Kí n tó kọ ọ́ tán, ẹnìkan á ti fa ìlà pa x² òkè àti x² ìsàlẹ̀ rẹ́ nínú ìdá àkọ́kọ́, á ti kọ −9 sórí 5x + 6. N kì í bínú sí i. Nínú ìdá tí a kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá wà lókè tó sì wà nísàlẹ̀ là ń pa rẹ́. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ tó fún un nígbà náà ni pé ohun tí a fẹ́ pa rẹ́ gbọ́dọ̀ máa sọ gbogbo òkè di púpọ̀, kó sì máa sọ gbogbo ìsàlẹ̀ di púpọ̀. A lè mú 3 kúrò nínú 6/9 nítorí pé 6 jẹ́ 3 lọ́nà 2, 9 sì jẹ́ 3 lọ́nà 3. Ṣùgbọ́n x² tó wà nínú x² − 9 kò sọ nǹkan kan di púpọ̀. A kàn yọ 9 kúrò lára rẹ̀ ni.

Kí ọmọ lè fojú ara rẹ̀ rí i, mo máa ń ní kó fi nọ́ńbà kan dípò x nínú ìdá àkọ́kọ́, kó sì fi í dípò x nínú èyí tí òun kọ, kó wá wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí ẹ máa yàn o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń sáré mú 0, nítorí òun ló rọrùn jù. Bí ẹ bá fi 0 síbẹ̀, ìdá àkọ́kọ́ á fún yín ní −9/6, èyí tí ọmọ náà kọ á sì fún yín ní −9/6 pẹ̀lú. Wọ́n bára mu! Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní òun gbà á. Òdo ti bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni, nítorí pé x² tí ó fi ipá yọ kúrò kò ju òdo lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi 5 síbẹ̀. Òkè di 25 − 9, tó jẹ́ 16. Ìsàlẹ̀ di 25 + 25 + 6, tó jẹ́ 56. 16/56 sì jẹ́ 2/7. Tọmọ náà ńkọ́? −9 lórí 25 + 6, tó jẹ́ −9/31. Ọ̀kan wà lókè òdo, èkejì wà nísàlẹ̀ òdo. Kò sí ẹni tí yóò tún jiyàn.

Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ́ ọ, nítorí fákítọ̀ nìkan ló ṣeé pa rẹ́. x² − 9 jẹ́ nǹkan tó wà lọ́nà ara rẹ̀ tí a yọ òmíràn tó wà lọ́nà ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí 9 jẹ́ 3 lọ́nà 3. Ó fọ́ sí (x − 3)(x + 3). Bẹ́ẹ̀ náà ni x² − 4 ṣe fọ́ sí (x − 2)(x + 2). Fún x² + 5x + 6, a ń wá nọ́ńbà méjì tí a bá sọ di púpọ̀ tó fún wa ní 6, tí a bá rò pọ̀ tó fún wa ní 5: 2 àti 3 ni. Fún x² − 4x + 3, a fẹ́ méjì tó máa fún wa ní 3 nínú ìsọdipúpọ̀ àti −4 nínú ìròpọ̀: −1 àti −3 ni. Ìbéèrè wa wá di báyìí:

```
(x − 3)(x + 3)     (x − 1)(x − 3)
--------------  ÷  --------------
(x + 2)(x + 3)     (x − 2)(x + 2)
```

Ibí ni mo ti máa ń dá gbogbo kíláàsì dúró. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Mo ní kí wọ́n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé wọn, kí wọ́n kọ "èèwọ̀ x" sí orí rẹ̀, kí a sì jọ máa kó àwọn nọ́ńbà tí x kò gbọdọ̀ jẹ́ síbẹ̀ nígbà tí gbogbo fákítọ̀ ṣì wà níkàlẹ̀ lójú wa. Ibi mẹ́ta ni a ó wò.

Ìsàlẹ̀ ìdá àkọ́kọ́ ni ti ìṣáájú, nítorí a kò lè fi òdo pín nǹkan. (x + 2)(x + 3) yóò di òdo bí x bá jẹ́ −2 tàbí −3. A kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìdá kejì ló tẹ̀ lé e: (x − 2)(x + 2) yóò di òdo bí x bá jẹ́ 2 tàbí −2. A ti kọ −2 tẹ́lẹ̀, ó ku 2. Gbogbo ọmọ ló ń rí ibi méjì yìí. Ibi kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í yà sí: òkè ìdá kejì. Ìdá kejì yìí lódindi la fẹ́ fi pín ìdá àkọ́kọ́. Bí òkè rẹ̀ bá di òdo, odindi ìdá náà di òdo nìyẹn, òdo la sì wá ń fi pín nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. (x − 1)(x − 3) yóò di òdo bí x bá jẹ́ 1 tàbí 3. A kọ àwọn náà sílẹ̀. Èèwọ̀ x wá jẹ́ márùn-ún: −3, −2, 1, 2 àti 3.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń fi dandan lé e pé kí a kó o jọ kí a tó yí ìdá kejì sorí kodò. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá yí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gun òkè lọ, òkè rẹ̀ á sì wá sísàlẹ̀. Ọmọ tó bá dúró dìgbà tó bá yí i tán kó tó wo ìsàlẹ̀ á rí (x + 2)(x + 3) àti (x − 1)(x − 3), á sì kọ −2, −3, 1 àti 3. Ó ti pàdánù 2, nítorí pé x − 2 ti bọ́ sókè, kò sì sẹ́ni tó ń wá èèwọ̀ lókè. Ọmọ tí kò wo nǹkan kan àfi ìdáhùn ló wá burú jù. Ẹ wò ó:

```
(x − 3)(x + 3)     (x − 2)(x + 2)      x − 2
--------------  ×  --------------  =  -------
(x + 2)(x + 3)     (x − 1)(x − 3)      x − 1
```

A pa x − 3 rẹ́, a pa x + 3 rẹ́, a pa x + 2 rẹ́. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú èèwọ̀ márùn-ún, 1 nìkan ló ṣì hàn lójú rẹ̀. −3, −2 àti 3 bá fákítọ̀ tí a pa rẹ́ lọ. Ti 2 tún yàtọ̀: fákítọ̀ rẹ̀ ò lọ síbì kankan, òkè ìdáhùn ló jókòó sí, ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìdáhùn tí kò ní èèwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tíì parí. Ohun tí a lè fọwọ́ sí ni pé:

```
(x − 2)/(x − 1),   x ≠ −3, −2, 1, 2, 3
```

Ọmọbìnrin kan wà tó bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí gidigidi, mo sì dúpẹ́ pé ó fà á. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fi 3 sínú ìdáhùn, ó fún mi ní 1/2. Nọ́ńbà gidi ni. Kí ló wá dé tí 3 fi di èèwọ̀?" Mo ní kó mú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, kó tẹ odindi ìbéèrè náà sínú rẹ̀ bó ṣe wà kí a tó fọ́ ọ, pẹ̀lú àkámọ́ yí òkè kọ̀ọ̀kan àti ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, kó fi 4 dípò x ní gbogbo ibi tí x wà. Ẹ̀rọ náà fún un ní 2/3. Ó fi 4 sínú ìdáhùn kúkúrú: 2 lórí 3. Wọ́n bára mu. Mo ní kó padà, kó fi 3 dípò 4. Ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ ni `Math ERROR`. Ó tún un tẹ̀, ó tún rí i. Ó fi 2 síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn kúkúrú fún un ní 0 wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo wá ní kó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, kí a fi ọwọ́ ṣe ti 3. Nínú ìdá àkọ́kọ́, òkè jẹ́ 9 − 9, tó jẹ́ 0. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 9 + 15 + 6, tó jẹ́ 30. 0/30 jẹ́ 0, kò sí wàhálà. Nínú ìdá kejì, òkè jẹ́ 9 − 12 + 3, tó jẹ́ 0. Ìsàlẹ̀ jẹ́ 9 − 4, tó jẹ́ 5. 0/5 náà jẹ́ 0. Ohun tí a wá ń béèrè ni 0 ÷ 0. Pípín túmọ̀ sí pé a ń wá nọ́ńbà kan tí a bá fi 0 sọ di púpọ̀ tó máa fún wa ní 0. Èwo ni? 1 ṣe é, 7 ṣe é, 1/2 náà ṣe é. Gbogbo nọ́ńbà ló ṣe é, kò sì sí ìdí tí a fi máa yan ọ̀kan. Ẹ wá wo 1. Ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ −8/12, tó jẹ́ −2/3. Ìdá kejì jẹ́ 0. Níbẹ̀, a ń wá nọ́ńbà tí a bá fi 0 sọ di púpọ̀ tó máa fún wa ní −2/3, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ìpín ń gbà bàjẹ́: ní ibì kan ìdáhùn pọ̀ ju ohun tí a lè yàn lọ, ní ibòmíràn kò sí rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti yọ àwọn àgbà lẹ́nu ṣáájú wa. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 628 pé òdo tí a fi òdo pín jẹ́ òdo. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ohun tí mo sì ṣàlàyé fún ọmọbìnrin yẹn ni ìdí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó yé ọmọ ni pé a kò sọ pé ìbéèrè àti ìdáhùn jẹ́ ohun kan náà níbi gbogbo. Níbi tí ìbéèrè bá ti ní ìtumọ̀, iye kan náà ni àwọn méjèèjì máa fún wa. Níbi tí ìbéèrè kò bá ti ní ìtumọ̀, ìdáhùn kúkúrú kò láṣẹ láti fún un ní ọ̀kan. 1/2 tí ọmọbìnrin yẹn rí jẹ́ ti x − 2 lórí x − 1 nìkan. Kì í ṣe ti ohun tí a bi í.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní ó yé àwọn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ka èèwọ̀ sí ohun tí a kàn ń kọ síbẹ̀ kí olùkọ́ má baà yọ máàkì. Ìwé àti ìdánwò dá kún un díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí a sọ ìdá kan di kékeré ní ibì kan, kí wọ́n tó wá béèrè ní ibòmíràn pé x mélòó ni kò jẹ́ kí ìdá kan ní ìtumọ̀, bí ẹni pé orí ẹ̀kọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó ń so méjèèjì pọ̀ fún wọn nínú kíláàsì mi ni ìdọ́gba. Mo máa ń fi ìbéèrè wa yẹn dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà kan, kí n ní kí wọ́n wá x.

Ẹ fi dọ́gba pẹ̀lú 0. Ìdáhùn kúkúrú sọ fún wa pé (x − 2)/(x − 1) = 0, ìdá kì í sì í di òdo àfi bí òkè rẹ̀ bá di òdo, nítorí náà x = 2. Kíláàsì á kọ 2, wọ́n á fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Mo á ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé wọn. 2 wà níbẹ̀. Ìdọ́gba yìí kò ní ojútùú kankan. Ẹ fi dọ́gba pẹ̀lú 1/2. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìdábùú: 2(x − 2) = x − 1, ó di 2x − 4 = x − 1, x sì jẹ́ 3. Ó tún wà lára èèwọ̀. Kò sí ojútùú. Ẹ fi dọ́gba pẹ̀lú 4/3: 3x − 6 = 4x − 4, x jẹ́ −2. Èèwọ̀ ni. Ẹ fi dọ́gba pẹ̀lú 5/4: 4x − 8 = 5x − 5, x jẹ́ −3. Èèwọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá wá fi dọ́gba pẹ̀lú 2/3, tí x jáde ní 4, wọn kò ní sáré fa ìlà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí kò bá kọ èèwọ̀ á gba gbogbo ìdáhùn márààrún wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló tọ́.

Ó ku ohun kan tí mo máa ń gbé fún wọn lọ sílé, tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mú ìdá méjì kan náà, kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun nínú wọn, kí ẹ kàn yí àmì àárín padà sí ti ìsọdipúpọ̀. Nínú ìsọdipúpọ̀, ìsàlẹ̀ méjèèjì nìkan là ń wò, nítorí pé òkè tó di òdo kò ba nǹkan kan jẹ́. Òdo lọ́nà ohunkóhun jẹ́ òdo. Èèwọ̀ wá kù sí mẹ́ta: −3, −2 àti 2. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí:

```
(x − 3)²(x − 1) / ((x + 2)²(x − 2)),   x ≠ −3, −2, 2
```

−2 àti 2 hàn nísàlẹ̀ ìdáhùn yìí. −3 kò hàn, nítorí x + 3 ti parẹ́ nínú ìdá àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé ìsọdipúpọ̀ náà lè fi èèwọ̀ pamọ́, kì í ṣe ìpín nìkan.

Ẹ wá dá àmì ìpín padà, àmọ́ kí ẹ pààrọ̀ ipò àwọn ìdá: ìdá kejì ni kí ẹ fi ìdá àkọ́kọ́ pín. Ìdáhùn máa jẹ́ x − 1 lórí x − 2, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ṣe máa retí. Ohun tí wọn kì í retí ni ti èèwọ̀. Ìsàlẹ̀ méjèèjì ṣì fún wa ní −3, −2 àti 2. Òkè ìdá tí a fi ń pín ti wá di x² − 9 báyìí, ó sì fún wa ní 3 àti −3. Èèwọ̀ di mẹ́rin: −3, −2, 2 àti 3. 1 ti kúrò níbẹ̀. Ẹ fi 1 sí i kí ẹ wò ó: ìdá kejì jẹ́ 0 lórí −3, tó jẹ́ 0; ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ −2/3; 0 tí a fi −2/3 pín sì jẹ́ 0, láìsí ìjà. Ìdáhùn kúkúrú náà fún wa ní 0. Nọ́ńbà tí a lé kúrò pátápátá nígbà tí òkè x² − 4x + 3 wà lábẹ́ ìpín ti wá di ojútùú gidi, nítorí pé a kò fi ìdá rẹ̀ pín nǹkan kan mọ́.